Akínkanjú Orí Ìwé

Akínkanjú orí ìwé ni ẹni tó ń wáṣẹ́ tí kì í sọ ohun tó ti ṣe rí, àfi irú èèyàn tí òun jẹ́. Ní Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n sábà máa ń bá a ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé, níbi tó ti ń sọ fún ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà pé kó bá òun ṣe ìwé ìwáṣẹ́ tó máa wú wọn lórí. Ọmọbìnrin náà kì í béèrè nǹkan kan. Á ṣí ìwé oníbàárà àná, á pa orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ibẹ̀ rẹ́, á fi ti ẹni tuntun sí i, á sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà: onítara ni, àṣeyọrí ló ń lé, ó mọ bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́, kò dìgbà tí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ kó tó ṣiṣẹ́. Bí akauńtáńtì, awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì ṣe ń ní ìwà kan náà lórí ìwé nìyẹn.

Àrùn yìí kì í ṣe ti ilé nìkan. Ní ọdún 2010, LinkedIn to àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tó wà lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń fi ṣàpèjúwe ara wọn jù lọ. "Ìrírí rẹpẹtẹ" ló gba ipò kìíní, ẹni tó mọ bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ náà sì wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ohun tó ba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ọ̀gá tí ìwé rẹpẹtẹ wà lórí tábìlì rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wo ipò tí èèyàn dì mú, ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti iye ọdún tó lò níbẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í dúró lórí ìtara. Ọ̀nà kan wà láti dá ọ̀rọ̀ òfìfo mọ̀: kí èèyàn yí i padà. Kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni òun, òun kò sì lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tí ẹnì kan kò jẹ́ sọ òdì rẹ̀ nípa ara rẹ̀, kò fi nǹkan kan hàn bó bá sọ ọ́.

Níwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni àṣírí akínkanjú ti máa ń tú. Wọ́n á ní, "Kí lẹ ṣe gan-an níbi iṣẹ́ yẹn?" Á gbé ọrùn táì rẹ̀ sókè, á ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo nítara púpọ̀." Wọ́n á tún un béèrè, á ní àṣeyọrí lòun máa ń lé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ìwòsàn rẹ̀ kò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ: kí lo bá nílẹ̀, kí lo ṣe, kí ló yí padà? Ká mú ọ̀dọ́kùnrin kan tó fi ọdún méjì ta sìmẹ́ǹtì ní Ìbàdàn, tó wá pe ara rẹ̀ ní òǹtajà tí ń lé àṣeyọrí. Nígbà tó débẹ̀, 40 oníbàárà ló ń ra ọjà láwìn, inú ìwé kan ṣoṣo sì ni gbogbo gbèsè wọn wà ní wúruwùru. Ó ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún wọn, ó kọ ọjọ́ tí kálukú máa san, ó sì ń pè wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 31 ti san tán. Ohun tó yẹ kó kọ kò ju èyí lọ: "Mo ṣètò ìwé àwìn oníbàárà 40, láàárín oṣù 6, 31 nínú wọn san gbèsè wọn tán." Ẹni tó kà á á rí ìtara níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dárúkọ rẹ̀. Bákan náà ni ti ẹgbẹ́: kó sọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kó sì sọ ipa tirẹ̀, bíi pé òun àti awakọ̀ méjì ló jọ ń ka àpò sìmẹ́ǹtì lálaalẹ́, òun ló sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi tó mọ. Bí ìpolówó iṣẹ́ bá dárúkọ pé àwọn ń wá ẹni tó mọ bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́, kò burú kí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé, bí ẹ̀rí bá ti tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò sì ní iye kankan lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ hùmọ̀ rẹ̀, torí ìbéèrè kejì ló máa tú u fó. Kó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́ bó ṣe rí. Kẹ́ni tó bá ń kọ ti ara rẹ̀ lọ́wọ́ fi orúkọ aládùúgbò rẹ̀ rọ́pò tirẹ̀: gbólóhùn tó bá ṣì jẹ́ òótọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kó pa á rẹ́.