Ẹ̀gbọ́n Mi, Ẹ Tú Náílọ́ọ̀nù Yín Wò

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà ní Òkìtìpupa,

Mo gbọ́ pé inú ń bí yín sí mi, pé mo ní kí wọ́n wọ́ yín lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ọ̀fìnkìn lásán. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ẹ̀dọ̀ yín ti bàjẹ́, kò sí nǹkan kan, ẹ wá ń fọ́nnu káàkiri Ìkálẹ̀ pé ẹ̀dọ̀ irin ni Ọlọ́run fún yín. Ẹ dúró ná.

Nígbà tí ibà mú yín tí gbogbo oríkèé ń ro yín, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn, ẹ ní kí wọ́n bá yín pò ó kó le dáadáa. Wọ́n dì í sí náílọ́ọ̀nù kéékèèké, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, wọ́n sì ní kí ẹ fi nǹkan sẹ́nu kí ẹ tó lò ó. Ẹ fi nǹkan sẹ́nu lóòótọ́: ife ògógóró méjì.

Ìyàwó wa ka orúkọ ẹ̀yìn káàdì oògùn náà fún mi lórí fóònù. Páńádọ́ọ̀lù Ẹ́ńsítírà méjì, parasítámọ́ọ̀lù funfun méjì, oògùn ọ̀fìnkìn méjì. Ẹ rò pé oògùn mẹ́ta ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni, aṣọ ló pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Parasítámọ́ọ̀lù 500 mílígíráàmù àti káfíìnì ni Páńádọ́ọ̀lù Ẹ́ńsítírà. Nínú lẹ́tà kéékèèké ẹ̀yìn káàdì ọ̀fìnkìn yẹn, 500 kan náà ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 3,000. Ẹ ti lo náílọ́ọ̀nù méjì kí ọwọ́ wa tó tẹ̀ yín, ó di 6,000. Ká ní ẹ lo ẹ̀kẹta ni, 9,000 nìyẹn. Ohun tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24 ni 4,000, ìyẹn ẹ̀yọ mẹ́jọ. Ẹ̀yọ kan tàbí méjì ni lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà sì kọjá kí ẹ tó tún lò ó. Ẹni tí kò tó 50 kílò gbọ́dọ̀ lo ìwọ̀n tó kéré sí èyí.

Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ parasítámọ́ọ̀lù. Bó ti ń fọ́ ọ, oró díẹ̀ máa ń jáde nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì ní nǹkan tó fi ń pa oró ọ̀hún. Tí oògùn bá pọ̀ jù, nǹkan náà á tán, oró á wá kọjú sí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Ọtí ojoojúmọ́ ń mú oró náà pọ̀ sí i, ebi sì ń mú ohun tó ń pa á dínkù. Ẹ̀yin ní méjèèjì. Kí irú yín tó lò ó rárá, ẹ bi dókítà léèrè iye tó yẹ yín.

Èyí tó burú jù ni pé lọ́jọ́ kìíní, ara lè yá gágá, bóyá kí inú kàn máa rin èèyàn. Ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún àti ojú pípọ́n bí ìyeyè lè má dé títí ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Oògùn tó ń gba ẹ̀dọ̀ là wà, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́jọ ló ti ṣiṣẹ́ jù. Ìdí tí mi ò fi dúró kí ẹ kọ́kọ́ ké “yéè” nìyẹn.

Ẹ tún ní kí n ra ibuprófẹ́ẹ̀nì ránṣẹ́, nítorí ó “le jù.” Ẹ̀yọ 200 tàbí 400 lẹ́yìn oúnjẹ gidi, lẹ́ẹ̀mẹta, kó má kọjá 1,200 lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà sọ ọ́. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọgbẹ́ inú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń lò, pàápàá tí òógùn ibà bá ti gbẹ omi ara yín, torí kíndìnrín ni yóò san gbèsè. Ẹ má sì fi Alábùkún kún un: asipirín wà nínú rẹ̀, ẹbí kan náà ni wọ́n. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Lóòótọ́, mi ò ní rà á ránṣẹ́ báyìí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ẹ wà, ibà Lásà ò jìnnà sí wa. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀pọ̀ èèyàn tó kó o. Bí ọ̀fìnkìn ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ibà, ara ríro, ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Ibuprófẹ́ẹ̀nì àti asipirín lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti dá. Títí tí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe yín, parasítámọ́ọ̀lù nìkan, ní ìwọ̀n tí dókítà bá sọ. Tí ibà náà kò bá lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà ẹ̀fọn àti Lásà.

Ẹ kí ìyàwó wa fún mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí gbogbo káàdì oògùn máa wà. Mo ti sọ fún un kó gba ife yẹn náà.

Àbúrò yín tí ẹ kò fẹ́ rí