Ẹjọ́ Adìyẹ Tí Kò Jinná

Ògbufọ̀ tó bá ń ta oyin sí ẹjọ́ ló ń jẹ́ kí àlejò rí adìyẹ tútù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wò ó: àlejò òtẹ́ẹ̀lì fa itan adìyẹ ya, ó rí i pé ó pupa lẹ́bàá eegun, ó fárí gá. Ògbufọ̀ wọ ilé ìdáná, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Oúnjẹ yín dùn, wọ́n kàn ní kẹ́ ẹ bá àwọn fi iná sí i díẹ̀." Kí ni alásè gbọ́? Pé oúnjẹ ti tutù. Ó tì í bọ máíkírówéèfù, ọbẹ̀ ń hó yaya, inú itan ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹnìkan á ní tí a bá ro gbogbo ẹ̀ délẹ̀, ìjà á dé. Lóòótọ́, a kì í bú ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èébú nìkan ni kó já sílẹ̀ lọ́nà. Ibi tí ẹran ti pupa gbọ́dọ̀ dé ilé ìdáná. Tí alásè bá sì fèsì pé adìyẹ kékeré lè pupa lẹ́bàá eegun bó tilẹ̀ jinná, kí ògbufọ̀ má pè é ní àwáwí: mùdùnmúdùn eegun máa ń fà á nígbà míì. Tẹmómítà ni adájọ́. Kí wọ́n tì í bọ ibi tó nípọn jù, kó má kan eegun. Tó bá ti tó 74°C, adìyẹ jàre. Tí kò bá tó, ó di inú iná, kí ògbufọ̀ sì sọ fún àlejò pé yóò pẹ́, dípò "ó ti ń bọ̀" tí gbogbo wa mọ̀.