Odindi Ọ̀rọ̀ Di Àbọ̀ Nínú Fóònù

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ẹni tó pa òwe yìí kò ní fóònù. Òun àti ọmọlúàbí tó ń bá sọ̀rọ̀ jókòó síwájú ara wọn, ojú ń rí ojú, ìyókù ọ̀rọ̀ sì ń bẹ nínú ìwò. Ní Al Qusais tiwa yìí ní Dùbáì, odindi ọ̀rọ̀ la ń kọ ránṣẹ́ sí ọmọlúàbí. Bó bá dé inú fóònù rẹ̀, a di àbọ̀.

Ẹ gbọ́ ìkéde tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú wa fi sórí Wọ́sáàpù ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Lẹ́tà ńlá ló fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, kò sì sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè tó dá wa sí. Ó kí wa lórúkọ alága, lórúkọ igbákejì alága, lórúkọ baba ìsàlẹ̀ àti ìyá ẹgbẹ́. Ó kí àwọn tó wà ní Dùbáì, ó kí àwọn tó wà ní Ṣájà, ó bá àwọn tó ń wá iṣẹ́ ṣàdúrà, ó sì bá àwọn tó ti rí iṣẹ́ ṣàdúrà kí ọ̀gá wọn máa sanwó lásìkò. Àmín. Orí ìlà kọkàndínlógún ni ìpàdé ti wá yọjú: ọ̀la, aago mẹ́rin, níbi tá a máa ń lò.

Nínú wa, ẹni tó ń ṣọ́ ilé máa ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá. Ẹni tó bá wọṣẹ́ ní aago méje alẹ́ Àbámẹ́ta, aago méje àárọ̀ Àìkú ló ń ṣí fóònù. Bó bá ka “ọ̀la” nígbà yẹn, ọjọ́ Ajé ló máa mú. Àwọn tó ti padà sílé ní Nàìjíríà ṣì wà nínú ẹgbẹ́, wákàtí mẹ́ta ni Dùbáì sì fi ṣáájú wọn. Wọ́n bi wá pé aago mẹ́rin tibo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ ibi tá a máa ń lò. Kò sì lè tẹ ìpè Wọ́sáàpù láti béèrè, nítorí ìpè rẹ̀ kì í lọ lórílẹ̀-èdè yìí. Àfi kó kọ̀wé tàbí kó ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́. Gbogbo wọn bá ń béèrè lójú agbo. Ìbéèrè wọn àti àwòrán òdòdó tí àwọn àgbà fi ń kí wa kú ọjọ́ Àìkú ti ìkéde náà lọ sókè títí ó fi kúrò lójú. Ní aago márùn-ún, a ò pé mẹ́jọ ní ìpàdé.

Akọ̀wé bínú. Ó tẹ ìkéde náà mọ́lẹ̀, ó ṣí “Message info”, ó fi hàn wá: orúkọ gbogbo wa pátá ló wà lábẹ́ “Read by”. Ó ní, “Ẹ kà á, ẹ kò kàn fẹ́ wá ni.” Ibí yìí ni ìmọ̀ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. Àmì búlúù yẹn ń sọ pé ẹnì kan ṣí ojú ìwé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kò sọ pé ó kà á. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, Wọ́sáàpù á gé e, á fi “Read more” sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tí kò sì tẹ̀ ẹ́ rárá á ní búlúù bíi tẹni tó kà á dé àmín. Kó tó dé ibẹ̀ pàápàá, ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ló ń yọ lójú fóònù tí a kò tíì ṣí. Ohun tó yọ lójú tèmi lọ́jọ́ náà ni ọpẹ́ sí Elédùmarè. Mo ṣe àmín, mo sì padà sùn.

Ìgbìmọ̀ wá ní ká tún ìkéde kọ. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe lórí aago tàbí ibi ìpàdé. Orí ìkíni ni. Alága ní ọmọ Yorùbá kì í já wọ ọ̀rọ̀ bí ewúrẹ́, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n akéde ọba ńkọ́? Ó lu agogo, ó ní ọba kí yín, ó sì sọ ohun tí wọ́n rán an. Ẹ̀ẹ̀kan ló mí. Kò ka oríkì ìjòyè kankan, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó ń gúnyán kò ní sọ ọmọ odó sílẹ̀ nítorí òun. Ìkíni kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀; kó gba ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ni kò dáa.

Ìlà kan tún wà tí a yọ pátápátá. Ó wà láàárín àdúrà, ó ní kí oníkálukú fi ohun tó bá ní ṣe ìrànwọ́ fún òrùlé gbọ̀ngàn ìlú nílé. Dùbáì ti ṣòfin ní 2015 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó owó ìrànwọ́ jọ, kò sì gbọdọ̀ kéde rẹ̀, láìgba ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kò mọ̀. Ìkéde Wọ́sáàpù sì ni ẹ̀rí tí ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Èyí tó kù nìyí:

```
Ẹ kú ìsinmi o. *ÌPÀDÉ: Àìkú 12 Oṣù Kẹwàá, aago 4 ìrọ̀lẹ́ Dùbáì.*
Ibi: ibùdókọ̀ Stadium, Green Line. Akápò á dúró dè yín lẹ́nu géètì títí di 4:20.
A fẹ́ pinnu: ṣé ká sún ìpàdé sí aago 7 alẹ́?
Ẹ ń bọ̀? Ẹ kọ 1. Ẹ ò lè wá? Ẹ kọ 2, kí ẹ sì sọ aago tó bá yín lára mu.
```

Ẹ wò ó pé ọjọ́ àti aago tẹ̀ lé ìkíni ní gìgísẹ̀, kí wọ́n lè jọ yọ lójú fóònù tí a kò ṣí. Ìràwọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló ń sọ lẹ́tà di dúdú kìrìkìrì, ibì kan ṣoṣo la sì lò ó, torí bí gbogbo ilé bá ń pariwo, ta ló máa gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀? A fi nọ́ńbà kọ iye. “Ogun” tí kò ní àmì lè jẹ́ 20, ó lè jẹ́ ogún bàbá ẹni, ó lè jẹ́ ìjà. A kò kọ “ọ̀la” mọ́. Alábòójútó kan sì lẹ ìkéde náà mọ́ òkè ojú ìwé fún ọjọ́ méje, kí òdòdó Àìkú má baà bò ó.

Kò ṣe gbogbo nǹkan o. Ẹni tó bá pa ìró ẹgbẹ́ kò ní gbọ́ agogo náà. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò fún ní ìsinmi kò ní wá, bó ti wù kí ìkéde dùn tó. Ṣùgbọ́n 1 àti 2 ń fi ohun tí búlúù kò lè fi hàn han akọ̀wé: ẹni tó dáhùn ti kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni ìbéèrè wà. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó béèrè pé níbo ni.

Ìkíni alága ń dá lọ báyìí. Alẹ́ Àìkú ló ń wọlé, lẹ́yìn tí ìpàdé bá ti tú. Àmì búlúù tèmi wà lórí gbogbo rẹ̀. Mi ò tíì ka ọ̀kan tán.