Agogo Mẹ́wàá Òwúrọ̀ Ni Wọ́n Máa Ń Pè

Wọ́n tún ti pè mí láàárọ̀ yìí. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ ló pè. Ó kí mi dáadáa, ó ní ọ̀rọ̀ ìpè fídíò tó ń dì ni òun tìtorí ẹ̀ pè. "Ṣé ó ń dì báyìí, sà?" Mo ní kò dì. Ó ní, "A dúpẹ́ o, sà, ó ti yanjú nìyẹn." Kí n tó la ẹnu, ó ti pa ẹjọ́ mi dé. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni.

Ẹ̀yin náà kò ní í gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tí àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fowó kún owó wọn títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n fẹ́ fi tún ṣe. Mo ti san tèmi. Ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ni mi ò mọ̀, àmọ́ kì í ṣe lórí òkè Agbaja tí mò ń gbé.

Ohun tí mo kọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún mi kò le. Mo ní láti agogo méje alẹ́ títí di nǹkan bí agogo mọ́kànlá, àwòrán á dì, ohùn á máa já. Alẹ́ yẹn gan-an sì ni àwa ọmọ Oworo máa ń ṣèpàdé: àwọn kan ní Lókọ́ja, àwọn kan ní Àbújá, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, torí alẹ́ ni oníṣẹ́ ń délé. Nígbà tá a ṣèpàdé kẹ́yìn, akápò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ iye tó kù lápò ẹgbẹ́ ni ojú rẹ̀ bá dì, ẹnu ní yíyà. Títí di òní, kò tíì sọ ọ́. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Nítorí mo mọ irú wọn, mo so èsì àyẹ̀wò mọ́ lẹ́tà náà. Mo mọ̀ pé Wáífáì ilé mi ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo bá fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, mo ṣí fèrèsé méjì, mo sì ní kí àṣẹ méjì yìí máa ṣiṣẹ́ pa pọ̀:

```
ping -n 100 192.168.8.1
ping -n 100 8.8.8.8
```

Èyí àkọ́kọ́ ń pe ráútà tó wà nínú yàrá mi nígbà ọgọ́rùn-ún, ó sì ń wo bó ṣe ń yára dáhùn. Èkejì ń pe ẹ̀rọ Google tó wà níta. Láàárọ̀, ráútà dáhùn láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì kan, Google láàárín 52, ìpè kankan kò sọnù. Nígbà tó di agogo mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, ráútà ṣì ń dáhùn láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì kan, kò sọ ẹyọ kan nù. Ti Google di 430, àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì, mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún kò sì padà rárá. Nǹkan kan kò sọnù nínú ilé mi. Ẹ̀yìn ráútà ni ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n lè ní kò pọn dandan kí ẹ̀rọ Google dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ó dáhùn gbogbo ọgọ́rùn-ún láàárọ̀, n ò sì gbọ́ ọ rí pé ẹ̀rọ ń lọ sùn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Lẹ́yìn Wáífáì, wọ́n á ní òkè ló ń dí wa lọ́wọ́. Mo ṣí ojú-ewé ráútà, mo ka RSRP, ìyẹn agbára tí ìgbì òpó wọn fi ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ó jẹ́ -95 dBm láàárọ̀, ó jẹ́ -95 dBm lálẹ́. Òkè kò dìde rìn. Ohun tó yí padà ni iye èèyàn tó ń lo òpó náà, nítorí gbogbo wa la jọ ń pín ohun kan ṣoṣo tí òpó lè gbé, gbogbo wa la sì ń délé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè jẹ́ òpó fúnra rẹ̀ ló kún, ó sì lè jẹ́ ọ̀nà tó so ó mọ́ ìlú. Àwọn nìkan ló lè wò ó láti ibi tí wọ́n wà, ìdí tí mo fi kọ̀wé sí wọn nìyẹn.

Wọ́n tún lè bi mí pé kí ló dé tí YouTube ń ṣeré ní ilé kan náà lálẹ́ kan náà. YouTube máa ń kó fídíò pamọ́ síwájú, ó lè fara da ìdádúró. Ẹnikẹ́ni kò lè kó ọ̀rọ̀ tí n ò tíì sọ pamọ́. Ìpè fídíò sì gbọ́dọ̀ máa fi tèmi ránṣẹ́, kí ó sì máa gba tiyín lẹ́ẹ̀kan náà: èèyàn méjì tó ń ríra wọn dáadáa ń fẹ́ nǹkan bíi 0.6 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, iye kan náà bọ̀. Lálẹ́, mo ní 1.8 bọ̀, mo ní 0.2 lọ. Mò ń rí wọn díẹ̀díẹ̀, ère ni wọ́n ń rí.

Gbogbo èyí ni mo kọ, pẹ̀lú aago, pẹ̀lú àwòrán. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n pè ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo ní kí wọ́n padà pè ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Wọ́n ní àwọn ti ń ṣíwọ́ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n rán ọmọkùnrin kan wá pẹ̀lú fóònù: agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó tẹ àyẹ̀wò, áàpù náà sì fúnra rẹ̀ yan ẹ̀rọ tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ wọn. Èsì: mẹ́gábíìtì mẹ́rìnlélógún. Ó fi hàn mí tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ó ń fò!" Wọ́n wọn ọ̀nà láti yàrá dé pálọ̀, wọ́n ní ọ̀nà Àbújá dáa.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀rín. Ní 2025, NCC pàṣẹ pé tí iṣẹ́ bá dá sílẹ̀ tó kọjá wákàtí 24, kí wọ́n san gbà-máà-bínú. Tiwa kì í dá sílẹ̀ tó wákàtí 24. Ó ń kú ní agogo méje, ó ń jíǹde ní mọ́kànlá, kí òfin tó nu ojú. Tí ẹ bá sì dá gbogbo wákàtí ọjọ́ pọ̀ tí ẹ pín in, ogún wákàtí tó dáa á bo mẹ́rin tó bàjẹ́ mọ́lẹ̀, orí ìwé á funfun nini. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn mọ̀ pé wákàtí tí èrò pọ̀ jù la fi ń díwọ̀n òpó. Wọ́n mọ̀ ọ́n! Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ta ráútà tuntun ní Lókọ́ja sórí òpó tó ti kún. Ẹni tó bá gba owó alẹ́ lọ́wọ́ mi, tó sì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láàárọ̀ nìkan, olè ni mo ń pè é.

Mo ti tọ́jú nọ́ńbà ẹjọ́ tí wọ́n pa dé náà, torí NCC kì í gbọ́ tẹnu ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Màá pe 622. Lálẹ́.