Ọ̀gá Láìpẹ́ Ń Fèsì Kúẹ́rì

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ìbáà ṣe ní Abẹ́òkúta tàbí ní Adó-Èkìtì, ẹ ti kí i lówùúrọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà," òun náà sì ti gba orí awò ojú rẹ̀ wò yín bíi pé ẹ jẹ gbèsè. Olórí ẹ̀ka owó ni. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ ìwé òfin ìnáwó dé ojú ìwé tí eku ti jẹ. Kì í ṣe olè paraku o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ ni pé kò sẹ́ni tó lè kọ èsì kúẹ́rì ọ́díìtì bíi tirẹ̀. Ọ̀gá Láìpẹ́ ni àwọn ọmọ ọ́fíìsì ń pè é tó bá ti kúrò níbẹ̀.

Kúẹ́rì kì í ṣe ohun àfiṣeré. Apá 125 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló fún Ọ́díítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti yẹ ìwé owó gbogbo ọ́fíìsì ìjọba wò. Láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé ìṣirò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Akáǹtáǹtì Àgbà, ó gbọ́dọ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó ìlú yẹ̀ ẹ́ wò. Kí àbọ̀ yẹn tó jáde, àwọn ọ́díítọ̀ á kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn: iye owó rè é, nọ́ńbà fáúṣà rè é, òfin tí ẹ rú rè é, kí lẹ rí sọ? Wọ́n á dá ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ dé.

Ọ̀gá Láìpẹ́ kì í ka lẹ́tà náà lọ́jọ́ tó bá dé. Á kọ "Ẹ fi síwájú mi" sí etí rẹ̀, á fi bírò fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ, á sì tì í sábẹ́ fáìlì mìíràn. Ìgbà tó bá ku ọ̀la kí gbèdéke pé ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n fún òun láàyè díẹ̀ sí i, nítorí pé ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ti lọ sí ìsinmi. Ẹni tó ń tọ́jú fáìlì wà ní kọ́rídọ̀ níta, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Nígbà tí èsì náà bá wá jáde, ẹwà rẹ̀ pọ̀. Ìpínrọ̀ kìíní á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ́díítọ̀ Àgbà fún iṣẹ́ takuntakun. Lẹ́yìn ìyẹn, bí nǹkan márùn-ún ni wọ́n bi í, èsì kan ṣoṣo ni á fún márààrún: "A ti rí ohun tí ẹ sọ, a sì ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. A ti pàṣẹ fún ẹ̀ka tó yẹ láti gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ láìpẹ́." Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Ta ló pàṣẹ? Ẹ̀ka wo ló yẹ? Ìgbésẹ̀ wo? Ọjọ́ wo ní ń jẹ́ láìpẹ́? Kò sí ibi tí èèyàn lè fọwọ́ dì mú nínú ẹ̀, ó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀.

Mo rí ọ̀kan nínú àwọn èsì yìí ní ọ́fíìsì kan tí n ò ní dárúkọ. Ọ̀rọ̀ dísù jẹnẹrétọ̀ ló wà nínú ìpínrọ̀ kejì kúẹ́rì náà. Fáúṣà fi hàn pé wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́fà náírà fún kọngílá, fún dísù 5,000 líítà, tí líítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1,200. Ọ́díítọ̀ wọ sítóò, ó ṣí lẹ́jà, ó bá 3,800 líítà. Ó ní kí wọ́n mú wébìlì tí dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ epo fi gbé dísù náà wá, 3,800 líítà náà ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú sítóò sì ti fọwọ́ sí i. Ó ku 1,200 líítà tí a kò rí. Ẹ bá mi fi ₦1,200 ṣe ìlọ́po rẹ̀: ₦1,440,000.

Èsì tí Ọ̀gá Láìpẹ́ kọ́kọ́ pète ni pé dísù náà gbẹ. Ó ní oòrùn mú gan-an lọ́dún yẹn. Bẹ́tíróòlù ni ì bá tiẹ̀ sọ, à bá ní ó gbìyànjú, torí pé bẹ́tíróòlù máa ń fò lọ bí wọn kò bá dé e. Dísù kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún ba irọ́ náà jẹ́ ni wébìlì: kí dísù tó wọ táńkì rárá ni òǹkà rẹ̀ ti jẹ́ 3,800. Ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ yín, báwo ló ṣe gbẹ lọ́dọ̀ yín?

Nígbà tí ìyẹn kò gbà, ó ránṣẹ́ pe kọngílá, wọ́n sì wá rìsíìtì. Ibí yìí ni mo máa ń ṣàánú àwọn èèyàn Ọ̀gá Láìpẹ́, torí wọ́n rò pé ìwé nìkan ni ọ́díítọ̀ ń wò. Rìsíìtì mẹ́ta ni wọ́n so mọ́ èsì náà, tí wọ́n ní ó fi hàn pé ìyókù dísù dé lẹ́ẹ̀mẹta: oṣù Kejì, oṣù Kẹrin, oṣù Keje. Nọ́ńbà tó wà lórí wọn ni 041, 042, àti 043. Ẹ̀yin ará, oníṣòwò epo wo ní ń bẹ nílùú tí kò ní rí oníbàárà mìíràn láti oṣù Kejì títí di oṣù Keje? Bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, ìwé náà sì mọ́ tónítóní, kò sí ihò pín-ìnnì kan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ rìsíìtì tó ti wà nínú fáìlì láti oṣù Kejì á ti ní ihò, á ti ní ìdọ̀tí ìka. Ọ́díítọ̀ ò sọ̀rọ̀. Ó kàn ya ẹ̀dà rẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin akáǹtì kan wà ní ọ́fíìsì yẹn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Òun ni Ọ̀gá Láìpẹ́ ní kó kọ èsì gan-an kalẹ̀, kí òun kàn tún un ṣe. Ọmọ náà ò mọ̀ pé eré ni. Ó lọ wádìí. Ó rí i pé kì í ṣe 1,200 líítà ni àṣìṣe náà gan-an. Ìwé ìbéèrè owó kọngílá nìkan ni wọ́n fi sanwó. Fọ́ọ̀mù tí sítóò fi ń jẹ́rìí pé ọjà wọlé kò sí lẹ́yìn fáúṣà, àwọn ọ́díítọ̀ inú ilé sì lu òǹtẹ̀ wọn sí i bẹ́ẹ̀. Níbi tí ihò náà wà nìyẹn, bí wọ́n bá sì gba ₦1,440,000 padà láìdí i, lọ́dún tó ń bọ̀ owó mìíràn á gba ibẹ̀ jáde.

Ohun tó kọ rè é, mo rí ẹ̀dà rẹ̀: "Òótọ́ ni. 1,200 líítà kò dé. A sanwó kí sítóò tó jẹ́rìí. A ti kọ̀wé sí kọngílá (ẹ̀dà wà lẹ́yìn) pé kó dá ₦1,440,000 padà sí àpò ìjọba kó tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Bí kò bá san án, a ó yọ ọ́ nínú owó tó kù tí a jẹ ẹ́. Olórí ẹ̀ka owó ni yóò gbà á, rìsíìtì àpò ìjọba ni a ó sì fi ṣe ẹ̀rí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, olórí àwọn ọ́díítọ̀ inú ilé kò gbọdọ̀ lu òǹtẹ̀ sí fáúṣà ọjà kankan tí fọ́ọ̀mù sítóò kò sí lẹ́yìn rẹ̀." Kò tán síbẹ̀. Nínú ìpínrọ̀ kìíní, níbi tí ọ́díítọ̀ ti sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin gba owó ìrìnàjò tí wọn kò mú rìsíìtì padà, ọmọ náà kọ ọ́ pé mẹ́ta ni, ẹnì kẹrin ti ṣe tiẹ̀, rìsíìtì rẹ̀ wà lójú ìwé 27 nínú fáìlì, ẹ̀dà rè é. Bí ọ́díítọ̀ bá ṣe àṣìṣe, kò sí èèwọ̀ nínú kéèyàn sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ni kó ṣáà mú dání. Ọ̀gá Láìpẹ́ kì í jiyàn, torí pé ẹni tó bá jiyàn lórí ọ̀kan ti gbà pé òótọ́ ni ìyókù.

Ó pe ọmọ náà wọlé.

"Ta ní ní kó o kọ 'olórí ẹ̀ka owó' síbí?"

"Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ní ká sọ ẹni tó máa ṣe é ni."

"Ṣé o mọ ẹni tí ń jẹ́ olórí ẹ̀ka owó?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ẹn-ẹ́n. Oṣù Kẹfà yẹn ńkọ́, tí kọngílá ò bá san án, ta ni wọ́n máa wá mú?"

Ọmọ náà ò fèsì. Ọ̀gá Láìpẹ́ mú bírò pupa. Ó pa "olórí ẹ̀ka owó" rẹ́, ó kọ "àwọn aláṣẹ". Ó pa "ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà" rẹ́, ó kọ "láìpẹ́". Ó pa "Òótọ́ ni" rẹ́, ó kọ "A ti rí ohun tí ẹ sọ". Ó yọ lẹ́tà kọngílá kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó fi rìsíìtì mẹ́ta wọ̀nyẹn sí i. Ó wá bu ọwọ́ lù ú, kì í sì í ṣe lórúkọ ara rẹ̀: "Fún akọ̀wé àgbà" ló kọ sókè ibẹ̀.

Ohun tí Ọ̀gá Láìpẹ́ kò rántí ni pé wọn kì í ju èsì sígbó. Nínú ìwé àbọ̀, abẹ́ ohun tí ọ́díítọ̀ rí gan-an ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, ọ̀rọ̀ ọ́díítọ̀ á sì tún tẹ̀ lé e. Ọ́díítọ̀ wá kọ tirẹ̀ ní ìlà méjì: rìsíìtì tí ẹ mú wá kò ṣeé gbà, nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra fún oṣù mẹ́fà, ẹ kò dá ọjọ́, ẹ kò dárúkọ ẹnìkan, ẹ kò mú owó wá, nítorí náà kúẹ́rì yìí ṣì wà nílẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọ́díítọ̀ fi máa padà wá lọ́dún kejì láti wo ohun tí ọ́fíìsì náà ṣe, Ọ̀gá Láìpẹ́ ti gba ìgbéga, ó ti lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó jókòó sí àga rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ aṣòfin pè, ohun tó sì rí sọ ni pé òun kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n gbé ọmọbìnrin akáǹtì yẹn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta fọ́ọ̀mù. ₦1,440,000 náà ò tíì padà dé. Kọngílá yẹn náà ló ṣì ń gbé dísù fún wọn.