Oríkì Ìkéde Títètè Jáde

Ìkéde títètè jáde, mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ìwọ tí a kò rí ní òwúrọ̀ tí a kò rí ní ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ pé ìgbà tí ajá bá dákẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò dákẹ́, tí ọlọ́dẹ sì ti fọn fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ni o tó gbé ẹsẹ̀ wọ inú Wásáàpù àwọn òbí Praìmárì Kejì! Arìn-lóru-má-tanná, Ajíṣẹ́-fẹ́ni-tó-sùn, gbólóhùn méjì péré tí í sọ ìyá ọlọ́jà di sárésáré, tí í sọ baba oníṣẹ́ ìjọba di ẹni tí ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn baba wa a máa ki ọba, a máa ki ìjòyè, a máa ki ẹkùn àti erin, kódà wọ́n ki iṣu. N kò rí ìdí tí a ó fi fi ìwọ sílẹ̀ láìkì, nígbà tó jẹ́ pé bí erin bá ń kọjá, igi a máa dá, gbogbo igbó a sì gbọ́, ṣùgbọ́n ìwọ kọjá lórí odidi ọjọ́ kan nínú ayé ọmọ ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ gbì.

N kò gbàgbé bí o ṣe wọlé tọ̀ wá ní ọdún 2025. Ọdún Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 6 oṣù Òkúdu. Ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde ṣáájú pé ọjọ́ Jímọ̀ náà àti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 9, jẹ́ ìsinmi fún gbogbo ènìyàn. Ohun tó kù fún ilé ìwé kò ju kí wọ́n wí fún wa pé ní Ọjọ́bọ̀, àìsùn ọdún, wọn yóò tètè dá àwọn ọmọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ọdún ni ìwọ ìbá ti jáde, Kábíyèsí, kí o jókòó, kí gbogbo ìlú wá kí ọ. Ṣùgbọ́n ọba kì í kánjú. O dúró di alẹ́ Ọjọ́rú, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí agogo méjìlá òru lù, o wá la ẹnu, o ní: ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ẹ fi sọ́kàn pé ilé ìwé yóò parí ní agogo méjìlá ọ̀sán ọ̀la, ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu, ẹ ṣeun.

Ha! Apọ́jọ́-mọ́jọ́ bí ẹni po àmàlà! Ẹni tí oorun kò tíì gbé lọ, tó kà ọ́ kí òru tó yí, Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀la tirẹ̀. Ẹni tó jí ní agogo márùn-ún, tó fi ojú oorun kà ọ́ níbi tó ti ń da ìrẹsì sínú abọ́ oúnjẹ ọmọ, inú Ọjọ́bọ̀ ló wà, Jímọ̀ sì ni ọ̀la tirẹ̀. Bó ṣe ń ṣiyèméjì, orúkọ ọjọ́ tí o dá fúnra rẹ jẹ́rìí fún un pé Jímọ̀ ni, ọjọ́ 5 tí o kọ tẹ̀ lé e sì jẹ́rìí takò ó. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta nínú gbólóhùn kan, kò sì sí ẹni tó bá wọn wá síbi ìlàjà. Ọlọ́gbọ́n ìbá ti bi ara rẹ̀ pé ní ọjọ́ Iléyá gan-an, tí a ń dú àgbò, ilé ìwé tí kò ṣí rárá, báwo ni yóò ṣe tètè jáde? Ṣùgbọ́n ta ni ọgbọ́n í wà lórí rẹ̀ ní agogo márùn-ún ìdájí? Láyé àrokò, bí a bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn, yóò mọ̀ pé ọkàn ẹni tó rán an fà sí òun, bẹ́ẹ̀ owó ẹyọ kò lẹ́nu. Abọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Abọ̀ tìrẹ dé inú wa, ó di ọ̀nà mẹ́ta.

Wọ́n sì fún ọ láàyè àtúnṣe o. Wásáàpù a máa fún ẹni tó kọ̀wé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti tún ohun tó kọ ṣe. Bí ìyẹn bá ti kọjá, bó ṣe wà ni yóò máa wà. Àǹtí tó rán ọ níṣẹ́ ti sùn kí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà tó pé. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwọ ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó gba iṣẹ́ ọmọ, tó fi tẹrú jẹ́ ẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ìjòyè rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wárí: “Noted ma”, “Noted ma”, “Thank you ma”, pẹ̀lú ọwọ́ àdúrà méjìméjì, títí ẹnìkan fi fi àwòrán àgbò tó fẹ́ tà sí àárín wọn, tí ẹlòmíràn sì bèèrè iye tó jẹ́, nígbà tó fi di agogo méje, ẹni tó bá fẹ́ rí ojú rẹ ní láti fi ìka wa ilẹ̀ bí ẹni wa iṣu.

Èmi alára wà lára àwọn elétí agogo márùn-ún. Ọmọ mi a máa dúró ṣe lẹ́sìn títí di agogo mẹ́rin, ìwọ kò sì sọ̀rọ̀ lẹ́sìn, o kò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, o kò sọ bóyá agogo méjìlá tí o wí ni wọn yóò tú àwọn ọmọ sílẹ̀ ni tàbí agogo náà ni wọn yóò ti géètì. Mo gba ibi iṣẹ́ lọ ní Mẹ̀rínà pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo méjìlá lù nígbà tí ìyá kan pè mí láti ẹnu géètì ní Kétu: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ń bọ̀ wá mú ọmọ? Wọ́n ti ń jáde o.” Afárá Kẹta, tó gùn ní kìlómítà 11.8, kò jìnnà lójú ẹni tó bá gbà á lóru; ṣùgbọ́n ní àìsùn Iléyá, gbogbo ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú ló wà lórí rẹ̀, àgbò sì ń ké nínú bútù mọ́tò tó wà níwájú mi bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣe ìkéde fún.

Agogo kan àbọ̀ kọjá kí n tó dé. Ọmọ mi jókòó ti mẹ́gáàdì lórí bẹ́ńṣì, ó ń jẹ búrẹ́dì bàbá náà. Mo wọ ọ́fíìsì lọ fi ẹjọ́ sùn. Àǹtí kàn gbé fóònù rẹ̀ ni, ó tẹ “Message info”, ó fi orúkọ mi hàn mí lábẹ́ àwọn tó ti kà á, ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Oríkì rẹ ìkẹyìn nìyẹn, Kábíyèsí: Aríni-kí-a-tó-rí-i! Mo ti pa àmì búlúù ti èmi fúnra mi láti ọdún mélòó kan, n kò mọ̀ pé nínú ẹgbẹ́, pípa náà kò ṣiṣẹ́.

Bí mo ṣe di ọmọ lọ́wọ́ mú tí a dé ẹnu géètì, fóònù dún. Àtúnṣe dé: Ọjọ́bọ̀ ni, kì í ṣe Jímọ̀, ẹ má bínú. Kí n tó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ènìyàn mẹ́rin ti dáhùn: “Noted ma.”