Àlọ ni ti alábahun, àbọ̀ ńkọ́?

Àwọn àgbà ní àlọ ni ti alábahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Ẹ mọ ìtàn náà. Alábahun lọ wa iṣu nínú oko àna rẹ̀, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àna sì so ó mọ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó ń lọ sóko láàárọ̀ ló ń ṣépè fún alábahun: olè aláìnítìjú, àna tirẹ̀ ló lọ jà lólè! Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lálẹ́ tí wọ́n tún bá a lórí ìso, ọ̀rọ̀ yí padà. Àna ni wọ́n wá ń bú, pé irú ìkà wo ni yóò so èèyàn láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí iṣu?

Ó pẹ́ tí mo ti fura pé àwọn tó pa òwe yìí ti rí ọ̀wọ́n epo rí. Òṣìṣẹ́ tó dúró ní gáréèjì tí kò rí ọkọ̀ wọ̀ ni alábahun. Máníjà ni àna. Ohun tó kàn ba òwe náà jẹ́ lóde òní ni pé àna ìgbàlódé kì í dúró de àbọ̀. Àlọ nìkan ló mọ̀: o dé ni, àbí o ò dé? Bí o ṣe máa padà sílé, ìyẹn wà láàárín ìwọ àti igi tí wọ́n so ọ́ mọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2023, mo ń gbé ní Ìkòròdú, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn alátùntà. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ẹrù, kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá wà l'Ékòó nígbà náà á rántí pé ìyà méjì ló pa pọ̀. Epo ò sí. Owó náà ò sí, torí wọ́n ń kó náírà àtijọ́ nílẹ̀, tuntun ò sì tíì tó ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Èèyàn á ní owó ní báńkì, kò sì ní rí ẹyọ igba náírà fi wọ kẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo dé gáréèjì ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dáńfó méjì péré ni mo bá. Kọndọ́ ń ké, "Máìlì 12, séfín! Ká-àṣì o, mi ò gba tírànsífà!" Ọ̀ọ́dúnrún náírà la máa ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá kan bi í léèrè ohun tó sọ ọ̀ọ́dúnrún di ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin, awakọ̀ ló dá a lóhùn fúnra rẹ̀ láti inú ọkọ̀: ilé epo lòun sùn, ẹ̀ẹ̀mẹfà lòun máa ń lọ tí òun máa ń bọ̀ lójúmọ́, bí òun bá rí ẹ̀ẹ̀mẹta ṣe lónìí kí òun dúpẹ́, ẹni tó ni ọkọ̀ ò sì ní gba ìdajì owó lálẹ́. Ìyá náà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìṣirò yẹn ò ní àléébù. Ohun tí ọ̀pọ̀ máníjà kò fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn: bí epo bá wọ́n, kì í ṣe pé ọkọ̀ tán pátápátá, ìlọbọ̀ rẹ̀ ló dín sí ìdajì, àwọn èèyàn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ kò sì dín.

Mo jókòó lórí pèpéle kan, mo yọ fóònù. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, torí oríṣiríṣi iṣẹ́ ni àwa òṣìṣẹ́ máa ń rán sí ọ̀gá láàárọ̀ ọ̀wọ́n epo, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n so wá mọ́ igi fún. Ẹnìkan wà tó máa ń kọ "Ọ̀gá, kò sí epo" ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, bí ẹni tó ń fi ìròyìn tó ọ̀gá létí. Òmíràn á pa ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Kí ló dé tí èèyàn fi ń purọ́ nígbà tí òtítọ́ wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Akẹgbẹ́ mi kan ló tún gbọ́n jù. Orí ibùsùn ló wà, ó wá fi fọ́tò ìlà ilé epo ránṣẹ́, ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ. Máníjà fẹ fọ́tò náà tóbi, ó rí pátákó iye owó lẹ́yìn: ₦165 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Epo ti kúrò ní 165 nígbà yẹn. Fọ́tò oṣù kejì ọdún 2022 ni, ìgbà tí wọ́n kó epo tí mẹ́táánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ̀lú tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wa ló di afurasí.

Èmi kọ tèmi báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti wà ní gáréèjì Ìkòròdú láti aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dáńfó méjì ló wà, ₦700 dé Máìlì 12, owó ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà, ₦400 ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ìlà BRT ti jáde sí títì. N kò rò pé mo lè débẹ̀ kí ọkọ̀ ẹrù aago mẹ́wàá tó dé. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ bàbá tó ń ṣọ́ gééètì, ìwé ẹrù tòní wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì, mo ti sàmì síbi tí wọ́n máa buwọ́ lù. Màá tún yẹ ọ̀nà wò ní aago mẹ́jọ, màá sì jábọ̀ fún yín. Bí mo bá rọ́nà wá, ẹ jọ̀ọ́ sà, màá fẹ́ tètè kúrò ní aago mẹ́ta, nítorí àbọ̀."

Ìṣẹ́jú mẹ́fà kù kí aago mẹ́fà lù nígbà tí mo fi í ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àánú mi ló máa kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá. Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ ẹrù ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, ìdí nìyẹn tí mo fi fi kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn nìkan ni mo fi ti ara mi sí, òun gan-an ló sì bí ọ̀gá nínú.

Èsì dé: "Àbọ̀ báwo? O ò tíì dé, o ti ń sọ àbọ̀! Ṣé ìwọ nìkan ló ń gbé Ìkòròdú? BRT kì í lo pẹtiróòlù, dísẹ̀lì ló ń lò. Wọ BRT. Fi fọ́tò ránṣẹ́."

Òótọ́ ni, dísẹ̀lì ni BRT ń lò nígbà náà. Àmọ́ gbogbo ẹni tí dáńfó já sílẹ̀ náà mọ̀ pé dísẹ̀lì ló ń lò, ìdí nìyẹn tí ìlà fi yípo gáréèjì. Káàdì ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, kò béèrè owó ọwọ́, ìyẹn tún fa èrò sí i. Mo ya fọ́tò. Mo ka orí tó wà níwájú mi títí mo fi dé ọgọ́sàn-án, ni mo bá ṣíwọ́. Ọkọ̀ kan wọlé láàárín ogójì ìṣẹ́jú.

Ní aago mẹ́jọ mo jábọ̀ bí mo ṣe ṣèlérí. Ọ̀gá ní kí n fi ẹsẹ̀ rìn dé Máìlì 12, pé bàbá òun fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Ọ̀nà BRT láti Ìkòròdú sí Máìlì 12 lé ní kìlómítà 13. Ẹni tí ara rẹ̀ le á rìn ín ní bíi wákàtí mẹ́ta, á gba Májídùn, Ajégúnlẹ̀ àti Òwódé, Máìlì 12 ló ṣì máa dé, Ìkẹjà ṣì jìnnà. N kò mọ iye tí ilé ìwé bàbá ọ̀gá fi jìnnà sí ilé wọn.

Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí. Owó oṣù mi jẹ́ ₦65,000, ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún. Owó òòjọ́ mi kò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Àlọ á gba ₦1,400 lọ́jọ́ náà. Àbọ̀ kì í wà bákan náà, torí ní ìrọ̀lẹ́ ni epo máa ń tán nínú àwọn ọkọ̀ tó rí i rà láàárọ̀, awakọ̀ tó bá ṣẹ́ kù á sì pe iye tó bá wù ú. Wọ́n ti gba ₦2,000 lọ́wọ́ aládùúgbò mi lálẹ́ àná. Lọ́rọ̀ kan, màá san ohun tó lé ní irínwó náírà lé owó òòjọ́ mi kí ọ̀gá lè rí mi. Mo padà sílé.

Ní aago mẹ́wàá, ọ̀gá kọ ọ́ sórí Wásáàpù gbogbo wa pé ẹni tí kò bá wá máa san owó ìtanràn ₦1,000. Ẹ jẹ́ kí n yà síbí díẹ̀. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò fàyè gba kí ọ̀gá yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́, bí òfin ò bá dìídì yọ̀ǹda rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń fi agbára ara ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni òfin yẹn wà fún. Àwọn alákòóso àti àwọn amọṣẹ́dunjú kò sí lábẹ́ rẹ̀. Abala 17 náà sì wà níbẹ̀: ẹni tó bá yọjú síbi iṣẹ́, tí ara rẹ̀ sì dá, ni ọ̀gá gbọ́dọ̀ wá iṣẹ́ fún. Yọjú ni wọ́n kọ o. Àwọn tó kọ òfin náà mọ àlọ.

Akẹgbẹ́ mi obìnrin kan yọjú. Láti Ṣàngó ló ti wá, ó dé ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ ẹrù ti já ẹrù tán, bàbá gééètì ló ṣílẹ̀kùn, ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀gá ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí Wásáàpù: "Ẹ wo òṣìṣẹ́ gidi!" Gbogbo wa fi àtẹ́wọ́ síbẹ̀. Nígbà tó di aago méje alẹ́, òṣìṣẹ́ gidi pè mí, ó ń sunkún. Kò sí ọkọ̀ Ṣàngó. Ó ní òun ti to páálí mẹ́rin sínú yàrá ẹrù, ibẹ̀ lòun máa sùn, ṣé mo mọ ibi tí bọ́tìnnì fáànù wà?

Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ ni fóònù mi tún dún. Ọ̀gá ni. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ọjọ́ta ló wà, jíìpù rẹ̀ ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, iná epo ti ń tàn láti Mẹ́rílàǹdì.

"Ìkòròdú lo ń gbé, àbí? Ṣé ẹ ní ẹni tó ń ta bíláàkì ládùúgbò yín? Kéègì kan péré. Wọ́n lè fi ọ̀kadà gbé e wá."

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Mo ṣí Wásáàpù, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sà." Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo wọ bàtà, mo jáde lọ wá ọmọkùnrin tó máa ń ta epo nínú ike lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí.